Ohun Tí Wọ́n Rà Kọjá Ọkọ̀ Mi

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n láti Ìgbókòdá dé Òde Ugbò, kò sí ọlọ́kọ̀ ojú omi tó lórúkọ tó mi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan wá ra iṣẹ́ mi, akáǹtáǹtì wọn díye lé ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti èbúté mi. Ó yọ gbèsè kúrò, ó ku mílíọ̀nù ogún. Ọgbọ̀n ni wọ́n san.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ ìṣirò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, mílíọ̀nù mẹ́wàá tó lé yẹn là ń pè ní gúdúwìì. Ẹ̀yin ò lè fúnra yín kọ ọ́ sínú ìwé yín. Àwa tá a rà á la máa kọ ọ́. Àwọn èrò tó ń dúró dè yín ló fà á."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja a máa jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn lọ, wọn a dúró de tèmi, torí ìgbà tí wọ́n bá tajà tán, tí wọ́n ń padà bọ̀, ni mo ń gba owó ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ń gba owó ọkọ̀ kí èrò tó wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ ọkọ̀ mi àtijọ́ bí èrò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Akáǹtáǹtì yẹn wà ní èbúté.

"Ọ̀gá, a ti gé gúdúwìì yẹn kù nínú ìwé."

"Ṣé àwọn ọkọ̀ náà bàjẹ́ ni?"

"Rárá o. Àwọn èrò ló lọ."

Ẹlẹ́ja kan ké sí mi láti inú ọkọ̀ ẹlòmíràn: "Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, ìgbà wo lẹ ń padà sẹ́nu iṣẹ́?"

Nígbà tí mo ń ta iṣẹ́ náà, mo ti tọwọ́ bọ̀wé pé mi ò ní gbé èrò lọ́nà yẹn mọ́. Mo kàn ń wo ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi yà.