Fọ́tò Iṣẹ́ Tí Opó Kan Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò níléeṣẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìjọ wa ní Ìgandò fi máa ń wá bá mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, opó kan láàárín wa fi fọ́tò ìkéde iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Iléèwé kan ní Ìdímù ń wá obìnrin tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà wọn. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í.

Mo ti ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ fún un kí n tó rántí pé kò tíì sọ ohun tó fẹ́, mo sì dáwọ́ dúró. Mo bi í pé, "Ṣé kí n wò ó bóyá iṣẹ́ náà bá ọ mu ni, àbí lẹ́tà lo fẹ́, àbí bí wàá ṣe dáhùn ìbéèrè wọn?"

Ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ lẹ́tà, wọ́n sì ní kí n wá lọ́la. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo ń ṣe látìgbà tí mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ọkọ mi ni mo ń tọ́jú títí tó fi kú."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fún un lóògùn lásìkò? Ta ló ń wẹ̀ ẹ́? Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń wá nìyẹn."

A fi í dánra wò lórí fóònù. Lákọ̀ọ́kọ́, ó bú sẹ́kún láàárín ọ̀rọ̀, mo sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún un sọ, ó sọ ọ́ parí.

Wọ́n gbà á. Ó ní nígbà tí òun sọ bí òun ṣe tọ́jú ọkọ òun, ọ̀gá iléèwé náà ní, "Ẹ kú ìtọ́jú."