Àga Tí Àbúrò Mi Ń Polówó

Káfíńtà ni àbúrò mi obìnrin. Kó tó gbé ọjà tuntun jáde, àwòrán ẹsẹ̀ igi kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ gbé sórí ìkànnì rẹ̀ lórí fóònù: “Kí lẹ rò pé ó jẹ́?” Lọ́jọ́ kejì, ìró irin tó ń ṣí nìkan ló fi síbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń méfò: tábìlì ni, àpótí ni. Èmi ló fi àga náà hàn, ó ní kí n panu mọ́. Háà, ẹnu ń yún mi! Mo bá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: “Àga ni!”

Mo sáré lọ bẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu yín ni ìpolówó kẹta. Ṣé mo sọ fún yín ohun tí àga náà ń dà tá a bá ṣí i?”

Lọ́jọ́ tí ọjà jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn.