Nọ́ńbà Kan, Obìnrin Mẹ́fà

Mi ò kì í tètè bínú, àmọ́ tí mo bá ti bínú, mi ò kì í tètè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ímeèlì kan ni mo fẹ́ sọ, èyí tí mo kọ sí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí kò sì kà ju ìlà méjì lọ nínú rẹ̀. Lójúkojú, "ẹ" ni mo máa ń fi bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀, bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe. Nínú ìwé yìí, "ó" ni mo máa pè é. Ẹni tó bá rò pé mo rí àgbà fín, kó kọ́kọ́ kà á dópin.

Ajíbọ́dé ni ọ́fíìsì wa wà, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta kan tí ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwa méje la wà níbẹ̀. Èmi ni ẹnjiníà tó kéré jù, mi ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí à ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Ibùdó kan wà ní Mọ́níyà, òmíràn wà ní Lálúpọn, tí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wà, pẹ̀lú jáàkì tí wọ́n fi ń fún un. Kí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí má baà máa tò síbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ á tẹ ọjọ́ tó fẹ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù, ètò náà á sì dá a lóhùn pé ó ti rí àyè gbà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ máa ń rí orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí fóònù tirẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ fún un. Àwa la pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ọmọ Lálúpọn ni mí. Gàrí ni màmá mi ń yàn. Nínú agboolé wa àti agboolé tó wà lẹ́yìn wa, obìnrin márùn-ún ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Fóònù ọ̀kan ti kó sí kànga. Èyí tó dàgbà jù láàárín wọn ní ojú òun ò ríran fún nǹkan wínníwínní bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù ò ní rárá, tàbí kó jẹ́ ọkọ wọn ló mú un lọ sóko. Nítorí náà, màmá mi ló ń bá gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ tiwọn, torí pé wọ́n ti kọ́ nọ́ńbà tiwọn sórí, lẹ́yìn náà wọ́n á já páálí kan lára ògiri ilé ìdáná, níbi tí mo kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ àwọn yòókù sí gàdàgbà gadagba, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Onífóònù ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ yẹn dùn mọ́ màmá mi ju gbogbo oríkì wọn lọ.

Ètò wa ní àléébù lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, èsì kì í tètè dé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á rò pé kò lọ, á tún un tẹ̀, ètò á sì fún un ní àyè méjì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀rọ á wá dúró lásán fún ẹni tí kò ní wá, nígbà tí ẹni tó ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ ń gbọ́ pé kò sáyè.

Oṣù bíi mẹ́ta la fi mọ̀ nípa rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ọ̀gá dé, tó ní àlejò ń bọ̀ wá wo ibùdó Mọ́níyà lọ́jọ́ kejì, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n ṣe àtúnṣe pàjáwìrì: nọ́ńbà fóònù tó bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́ kan, kí n fi àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí n pa ìyókù rẹ́, ní gbogbo ibùdó, kó tó di aago méjì.

Èmi ni mo kọ ọ́. Kò gbà mí tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Mo dán an wò lórí àwọn orúkọ àfiṣeré tí a fi ń dán iṣẹ́ wò, ó sì yege. Kí ni kò ní jẹ́ kó yege? Inú ọ́fíìsì la ti hùmọ̀ àwọn orúkọ yẹn, níbi tí ẹnìkan ṣoṣo ti ní fóònù méjì, torí náà a fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní fóònù tirẹ̀. Ìgbà tí mo wá ṣí orúkọ Lálúpọn gangan wò ni mo rí nọ́ńbà màmá mi, lẹ́ẹ̀mẹ́fà tò sísàlẹ̀ ara wọn.

Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó jáde lọ sórí ètò tí àwọn èèyàn ń lò. Mo jókòó, mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnjiníà àgbà wa. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo "sà" tó yẹ. Mo ní àtúnṣe náà ti wà nílẹ̀, àmọ́ kò tíì yẹ kó jáde, torí pé fóònù kan kì í ṣe ẹnì kan. Mo ní ní Lálúpọn, obìnrin mẹ́fà ló ń lo nọ́ńbà kan, pé tí a bá ṣe é báyìí, a máa pa orúkọ márùn-ún rẹ́ tí wọn ò ṣẹ̀ wá. Mo ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ló yẹ ká fi mọ èèyàn yàtọ̀, kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì kí n fi dán an wò lórí ẹ̀dà orúkọ gidi, ká sì kọ́kọ́ lò ó ní ibùdó kan ṣoṣo. Mo ní tó bá jẹ́ ti àlejò ni, orúkọ tó jẹ́ méjìméjì ní Mọ́níyà fún ọ̀la ò ju mẹ́rin lọ, mo lè fọwọ́ yọ wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo orúkọ pa mọ́, bó bá di dandan ká dá nǹkan padà. Níparí, bí òmùgọ̀, mo kọ ọ́ pé mo mọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí dájú torí pé fóònù màmá mi ni.

Kò kọ èsì. Ó jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé, "Àṣé nítorí màmá ẹ ni gbogbo gírámà yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ẹnjiníà àgbà, ẹni tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, ó ní kó gbé e jáde. Ẹnjiníà àgbà wò mí, ó wo àjà, ó sì gbé e jáde. Ó ní ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń bínú sí àjà yẹn dòní.

Mo pe màmá mi títí, fóònù wọn kò lọ. Iná ò sí ní Lálúpọn láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti gbé e fún ẹni tó ń bá èèyàn gba iná sí fóònù. Mo pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ó ní ohun tó bá wà lórí fóònù òun lòun mọ̀, àwa náà la sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú, àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ru ẹ̀gẹ́ dé ibùdó. Wọ́n ti hú u láti ìjẹta, wọ́n sì ti bó o. Kò sí ìkìlọ̀ kankan tó lọ sí fóònù, torí pé inú ibi tí a kó orúkọ sí la ti pa wọ́n rẹ́ tààrà. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù nínú tiwọn: ti màmá mi, nítorí pé tiwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Màmá mi bẹ ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé kó rin ẹ̀gẹ́ àwọn yòókù pọ̀ mọ́ tàwọn, ó kọ̀. Èyí tó dàgbà jù wo màmá mi, ó ní, "Tìẹ nìkan ló wọlé," ó sì gbé igbá rẹ̀. Màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n rin tiwọn náà. Gbogbo wọn rù ú padà sílé. Wọ́n gbìyànjú láti rẹ ẹ́ sómi fún láfún, àmọ́ ìgbà òjò ni, kò sí oòrùn tí wọ́n máa sá a sí, ó sì bu.

Ní Mọ́níyà, mo gbọ́ pé àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún òun. Mo ṣí ímeèlì náà síwájú rẹ̀. Ó ní ó ti gùn jù, ìlà méjì lòun kà, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Mo ní "ẹ má bínú, sà". Èmi ni mo tún bẹ̀bẹ̀! Ẹ̀dà tí mo ti pa mọ́ la fi dá àwọn orúkọ padà. Ọjọ́ méjì gẹ́lẹ́ ló gba èmi àti ẹnjiníà àgbà láti ṣe é bó ṣe yẹ, lórí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Àmọ́ ta ló máa dá orúkọ màmá mi padà? Ní agboolé, wọ́n ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Ìyá Onífóònù pa tàwọn rẹ́ kí ẹ̀rọ lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ṣebí ọmọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo tẹ ímeèlì yẹn sórí bébà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lálúpọn. Mo bẹ àwọn obìnrin náà kí wọ́n jókòó sábẹ́ búkà ìyangàrí, mo sì kà á fún wọn ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn ò sọ pé ó gùn jù.

Nígbà tí mo kà á tán, èyí tó dàgbà jù bi mí pé, "Ọjọ́ wo lo kọ ọ́?"

Mo ní, "Ọjọ́ Àtàláátà ni, mà, ní aago mẹ́wàá àárọ̀."

"Àlàrùba ni wọ́n lé wa." Ó nawọ́ sí bébà náà. "Tún ibi tó o ti dá sí ọ̀rọ̀ wa yẹn kà."

Mo tún un kà, ibi tí mo ti sọ pé orúkọ márùn-ún tí wọn ò ṣẹ̀ wá. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ẹni tí kò mọ̀wé, ó ká a, ó sì ki í bọ ìdí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kí màmá mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ọjọ́rú, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Màmá mi já páálí lára ògiri. Wọ́n tẹ ti ìyá náà, wọ́n tẹ ti èkejì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí dé ẹni karùn-ún, wọ́n wá tẹ tiwọn sẹ́yìn. Mo sọ fún wọn pé a ti tún un ṣe, pé ó lè jẹ́ tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa tẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sí ewu mọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Títí di òní, tiwọn ni wọ́n máa ń tẹ̀ kẹ́yìn, kó lè jẹ́ pé bí àwa ará ọ́fíìsì bá tún fẹ́ pa orúkọ kan rẹ́, tiwọn ni yóò kọ́kọ́ lọ.