Ìgò Aáyù Tí Mo Fún Màmá Mi

Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tún ẹ̀kọ́ mi ṣe. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé tí òróró bá bo aáyù àti ata ilẹ̀ tí a lọ̀, atẹ́gùn ò ní ráyè bà á jẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ aládùúgbò mi ló rí ìgò aáyù olóròóró mi lórí pẹpẹ. Ó ní ibi tí atẹ́gùn ò sí gan-an ni kòkòrò àìfojúrí kan ti ń ṣe májèlé, tí kì í rùn, tí kì í kan. Ó ní kí n dà á nù. Tí mo bá ṣe òmíràn, inú fíríìjì ni kó wà, kí n sì lò ó tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Mo fẹ́ bá a jà. Ìgbà náà ni mo rántí ìgò tí mo fún màmá mi ní Ìgbàrà-Odò, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn ò ní fíríìjì.

Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, jálẹ̀ ọ̀nà ni mo sì ń bú dírẹ́bà pé kò sáré tó.

Mo bá wọn nídìí ààrò, ọbẹ̀ ń hó. Mi ò tiẹ̀ kí wọn. “Màmá, ìgò aáyù yẹn dà?”

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Òróró rẹ̀ ṣì kún dé ọrùn.

“Mi ò tíì ṣí i. Mo ní kí ìwọ fúnra rẹ wá fi se ọbẹ̀ fún mi ni.”