Òní Ijọ́ Mẹ́jọ Nínú Íméèlì

Ọdún kejì mi ní poli ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé owó ló dá mi dúró. Irọ́ ni. Èmi àti ìwé jà, ìwé sì dá mi. Ohun tí mo gbé bọ̀ wálé kò ju báàgì kan lọ, àti Gẹ̀ẹ́sì ńlá ńlá tí ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló fún mi níṣẹ́ ní kílíníìkì ìjọ wa ní Odò-Ọwà. Àwọn dókítà ojú kan láti Kòríà máa ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó wá, dókítà wọn á kọ́kọ́ pè wá lórí kọ̀ńpútà, á sì wo àwọn arúgbó lọ́kọ̀ọ̀kan nínú fídíò. Mátírọ́ọ̀nù á tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, wọ́n á nàka síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹni mẹ́wàá péré ló máa ń mú. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àwọn ará Kòríà, kì í sì í ṣe tiwa, àmọ́ òun nìkan la jọ ní. Èmi ni mo ń kọ íméèlì.

Lọ́dún yẹn, bàbá ìyá mi wà lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n wò wọ́n. Iṣẹ́ ọnà igi ni Baba ń ṣe ní ìlú Ọ̀sì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní ahéré rẹ̀, tó ń gbẹ́ áńgẹ́lì sí, tó sì ti gbẹ́ dé ìdajì, kí awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ìka ló fi ń wá ojú iṣẹ́ náà. Ìgbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ìka mẹ́ta ló wà nínú báńdéèjì. Mo ní kó sinmi. Ó ní, "Èmi ò lè sinmi. Ẹsẹ̀ áńgẹ́lì kan ò tíì délẹ̀."

Ní ọjọ́ Tuesday kan, Mátírọ́ọ̀nù, ìyá arúgbó tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí ìyá mi, pè mí. Ó ní, "Sọ fún wọn pé òní ijọ́ mẹ́jọ ni kí wọ́n pè wá, aago mẹ́wàá àárọ̀."

Mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ gan-an ni. Mo ní bọ́ọ̀lù ti wà ní pápá tiwọn báyìí, mo ní a ti ká ìka wa lé ara wọn, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń wí tó bá ń retí oore. Mo wá ní kí wọ́n pè wá ní ọjọ́ mẹ́jọ sí òní. Mo kà á fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí adùn rẹ̀.

Tuesday kejì pé. Àwọn arúgbó kún bẹ́ǹṣì. Baba wọ agbádá tó fi ń gba ara Olúwa, ìyá mi sì ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Aago mẹ́wàá lu, ẹnikẹ́ni ò pè. Ó di méjìlá. Ó di méjì.

Baba ní, "Bóyá Kòríà jìn."

Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ó jìn lóòótọ́, àmọ́ fóònù kì í fẹsẹ̀ rìn."

Wọ́n gun ọ̀kadà wọn padà sílé nínú ẹrẹ̀. Baba di èjìká mi mú títí a fi dé etí ọ̀nà. Ìbá sàn ká ló bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, Wednesday, èmi nìkan ni mo jókòó tí kọ̀ńpútà dún. Dókítà ni. Ó tẹríba fún mi, mo tẹríba, mo forí gbá tábìlì. Ó wo bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn mi. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀.

Ó bi mí níbi tí àwọn aláìsàn wà. Mo ní àná ni wọ́n wá. Ó mú ìwé kan, ó na ìka sókè, ó kà: láti Wednesday dé Wednesday, ọjọ́ mẹ́jọ. Èmi náà na tèmi, mo kà láti Tuesday dé Tuesday, ọjọ́ mẹ́jọ. Àwa méjèèjì mọ ìṣirò. Àmọ́ mo ka òní mọ́ ọn bí gbogbo ilé wa ṣe ń kà á, òun sì bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Mátírọ́ọ̀nù gbọ́. Mo ní, "Mà, ohun tí ẹ wí náà ni mo kọ."

"Yorùbá ni mo fi sọ ọ́ fún ọmọ Yorùbá. Ta ló rán ọ pé kí o gbé e bẹ́ẹ̀ fún ará Kòríà?"

Ó ní kí n bẹ̀bẹ̀, kí n fi í sí Tuesday tó ń bọ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Mo kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta. Mo wá kọ ọjọ́ náà báyìí: 07/08. Ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ, àbí kí ni?

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Ó kúrú, ó sì ní sùúrù: "Ẹ ṣeun. Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ti kọjá. Ṣé ti ọdún tó ń bọ̀ ni? A kò ní pápá bọ́ọ̀lù. Ṣé àwọn aláìsàn yín fi ìka ṣèṣe? A máa pa ìwé orúkọ dé ní Friday, 10 August."

Mo tún un kà. Àṣé oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Tí Friday yẹn bá kọjá, ó di ọdún mìíràn, Baba á sì ti gé ìka tó kù.

Mátírọ́ọ̀nù ní kí n ka gbogbo íméèlì mi fún òun. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Gẹ̀ẹ́sì, ta lò ń kọ ọ́ fún? Àwọn ni, àbí olùkọ́ tó lé ọ jáde?"

"Wọn ò lé mi, mà. Èmi ni mo kúrò."

"Ó dáa. Jókòó. Gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ kan. Yọ bọ́ọ̀lù. Yọ ìka. Kọ orúkọ ọjọ́, kọ oṣù ní lẹ́tà bí dókítà ṣe kọ ọ́. Kọ aago wa, kọ tiwọn sí i."

Ìlà mẹ́rin ló jáde. Ẹ dákun, àṣìṣe tèmi ni. Ẹ pè wá ní Tuesday, 7 August. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Kòríà. Àwọn aláìsàn máa wà níbẹ̀. Ojú tì mí láti fi ránṣẹ́, ó dà bí iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó tó tó wákàtí kan, èsì dé: "Ó yé wa."

Ní Tuesday yẹn, aago mẹ́wàá ò tíì lu tán tí kọ̀ńpútà fi dún. Nígbà tó kan Baba, Mátírọ́ọ̀nù tan tọ́ọ̀ṣì. Baba nàka sápá òsì, ó nàka sókè, gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Ní Friday, mo rí orúkọ Baba lórí ìwé: ẹni kẹsàn-án. Wednesday, 19 September ni wọ́n máa ṣe tirẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀sì, mo sọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Ó mú ọ̀pá kan, ó ní òun á máa fi ọ̀bẹ gé ojú kan sí i lójoojúmọ́. Ó gé ti ọjọ́ yẹn lójú mi.

Mo ní, "Baba, ẹ má ka tòní mọ́ ọn. Ọ̀la lẹ máa bẹ̀rẹ̀."

"Ùwọ ọmọ yìí. Òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ó dé kílíníìkì ní Tuesday, 18 September, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti aṣọ ìbora. Mátírọ́ọ̀nù wò mí, mo wo ilẹ̀. A fún un ní bẹ́ẹ̀dì.

Ní Thursday tí wọ́n ṣí báńdéèjì ojú ọ̀tún rẹ̀, dókítà ti wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹni tó kàn. Baba ò kọ́kọ́ wò mí. Ọ̀pá rẹ̀ ló gbé sójú. Ó fi ojú ka àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní èyí tó wà láàárín wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi.

"O ti rù o."

Oṣù kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ló parí ilẹ̀kùn. Ó ní kí n kọ̀wé sí dókítà, ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ kí n wí. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un: Ẹsẹ̀ áńgẹ́lì ti délẹ̀. Mo rí i. Ẹ ṣé.

Ọwọ́ mi ń yún mi láti ṣàlàyé áńgẹ́lì. Dípò ìyẹn, mo ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà, mo so ó mọ́ ọn.