Ìdajì Tí Báńkì Yọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Àǹtí Ó-Tó ṣe gba orúkọ rẹ̀, kó lọ jókòó síwájú tábìlì rẹ̀ ní àjà kẹta ilé iṣẹ́ àwọn alágbàtà ìpín. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà níbẹ̀, tó ń bá àwọn ènìyàn ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, tó sì ń bá wọn tà á. Bí iye ìpín bá gòkè, tí oníbàárà ń lanu pé kó tún gòkè sí i, yóò yọ awò ojú rẹ̀, yóò ní, "Ó tó. Ẹ tà á." Àwọn mìíràn á bínú jáde. Tó bá di oṣù méjì, wọ́n á padà wá dúpẹ́. Ojúkòkòrò kì í rí i gbé ṣe, torí owó olówó ni.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n lára rẹ̀, apá kan rẹ̀ jẹ́ pé ara ti kú. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó dé ẹnu iṣẹ́, ó sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí oníbàárà kan tó pàdánù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ ọjọ́ tí ẹkún náà gbẹ. Nọ́ńbà lè pupa lójú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, àmì pé iye ìpín ń já, yóò kàn máa wò ó ni, yóò sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tán.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Báńkì Àpapọ̀ fẹ́ jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lórí iye èlé. Ó ti lé lọ́dún kan tí èlé náà ti wà ní ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé tó ga báyẹn, ọ̀tá ọjà ìpín ni. Olówó á ní kí ni òun ń dá ara òun láàmú sí, òun á yá ìjọba lówó, òun á sì sùn dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó sì ti yáwó á máa san èlé títí èrè rẹ̀ á fi tín-ín-rín. Bí èlé bá wálẹ̀, ohun gbogbo yí padà, àwọn onígbèsè ló sì máa ń kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan wà láàárín wọn, gbèsè tó jẹ láti fi kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun kò kéré.

Gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́ pé báńkì máa yọ odidi ìdá kan kúrò nínú méjìdínlógún náà. Ọjà ìpín kì í dúró de ìkéde. Ohun tí àwọn ènìyàn ń retí ni wọ́n ń rà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìpín sìmẹ́ńtì fi ń gun òkè, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ṣèpàdé kankan. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, Hẹdimásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì wọlé wá, pẹ̀lú fáìlì ìpín sìmẹ́ńtì rẹ̀ lábíyá.

"Àǹtí, ṣé ká dúró de báńkì ni?"

"Rárá, sà. Ìdá kan tí wọ́n ń retí yẹn ti wà nínú iye tẹ́ ẹ rí yìí. Tí báńkì bá yọ ọ́, kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Tí wọn ò bá wá yọ tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó tó, sà. Ẹ tà á."

Hẹdimásítà kùn díẹ̀, bó ṣe máa ń kùn, ó sì tà á kó tó di aago mọ́kànlá.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Àǹtí Ó-Tó obìnrin pè é. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, opó ni, ìpín sìmẹ́ńtì ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, onílé sì fẹ́ tà á. Onílé ní tó bá rówó mú wá títí ọjọ́ Ẹtì, òun á tà á fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ṣe tán láti sanwó. Owó ìpín tí a bá sì tà, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló ń gbà kó tó dé ọwọ́ ẹni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe wà lónìí, owó ṣọ́ọ̀bù pé géérégé."

"Á jẹ́ pé kó o tà á nìyẹn."

Ọwọ́ Àǹtí Ó-Tó ti wà lórí ẹ̀rọ. Ó wá rántí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ṣùgbọ́n kò ní ṣẹ́kù kankan. Ẹ jẹ́ ká dúró di ọ̀la. Tí báńkì bá ti kéde, ó máa tún lé díẹ̀ sí i, ẹ ó fi èyí tó bá lé ra ẹ̀rọ tuntun. Tá a bá tà á lọ́la, owó á dé ní Ọjọ́bọ̀."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ohun tó o bá ní ká ṣe náà la máa ṣe."

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá báńkì jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ka ìwé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ ìdajì péré nínú ìdá kan tí wọ́n ń retí. Ó tún fi kún un pé ọ̀wọ́n ọjà kò tíì rọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má retí òmíràn láìpẹ́.

Obìnrin tó ń gbé tíì kiri ọ́fíìsì dúró wo ojú ẹ̀rọ. "Ṣebí wọ́n ní àwọn dín èlé kù? Kí ló wá dé tí gbogbo rẹ̀ fi pupa?"

Alágbàtà tó jókòó sí tábìlì kejì dá a lóhùn. "Ìdajì ni wọ́n rí gbà, ìyá. Odidi ni wọ́n ti sanwó fún."

Òfin ọjà ni pé ìpín kan kò gbọdọ̀ já ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Ìpín sìmẹ́ńtì dé ìsàlẹ̀ yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì dúró síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ tà tò jọ, kò sí ẹni tó fẹ́ rà. Àǹtí Ó-Tó fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ìlà. Ó dúró kí àyà òun já. Àyà rẹ̀ ò já. Ó bu tíì mu, ó sì mọ̀ pé ṣúgà ò sí níbẹ̀, ìyẹn nìkan ló mọ̀.

Bákan náà ló rí ní Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó rí ẹni rà á, ní iye tí kò lè ra ṣọ́ọ̀bù mọ́. Owó náà gan-an, ó di ọjọ́ Ajé kó tó wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníkẹ́míìsì ti sanwó, káfíńtà rẹ̀ sì ń wọn ògiri fún pẹpẹ oògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ká aṣọ àwọn oníbàárà sínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Ìyàwó Hẹdimásítà wá gba aṣọ rẹ̀ lánàá. Ó ní ọkọ òun ta ti sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ Ajé, pé ìwọ lo ní kó tà á."

"Èmi ni, mà."

"Ìpín kan náà ni?"

"Ìpín kan náà ni."

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi bó o ṣe sọ fún un?"

Ó fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ báńkì. Òtítọ́ ló jáde, láìsí ohùn kankan nínú rẹ̀, bí ẹni ń ka nọ́ńbà fún oníbàárà.

"Torí pé ẹ̀yin ni. Mo fẹ́ kó ṣẹ́kù fún yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so ẹnu àpò náà, ó sì wò ó láìbínú.

"Nígbà náà, ó yẹ kí n ti wá bí àlejò ni, kí n wá tò sẹ́yìn Hẹdimásítà."