Bàbá Mi Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Gbé Òun Mọ́

Bàbá mi ní òun kì í ṣe arọ. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló ń bínú, ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá rọ̀, yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà tí lọ́rì ti gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Òkèhò ni ẹsẹ̀ náà ti ń bínú bọ̀. Òfì tó fi ń jẹun ní Ìsẹ́yìn dákẹ́, nítorí ọwọ́ nìkan kò hun aṣọ òkè, ẹsẹ̀ ló ń tẹ igi tó ń ya òwú sókè sódò. Bàbá wá di ẹni tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì ń gbé e lọ kí Jímọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́. Àwọn àbúrò mi méjì gbé e, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí, ni ìjòyè àgbà kan bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni àwọn àbúrò mi. Wọ́n rí àgbà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò lè gbé nǹkan lọ́wọ́. Inú ẹrẹ̀ ni Bàbá bára rẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun. Ìjòyè náà ní, "Ẹ káre, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ láti inú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó fi Ọlọ́run búra pé bí Ọlọ́run bá fún òun ní ọ̀nà mìíràn, èèyàn kankan kò ní gbé òun lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà ní olú-ìlú Amẹ́ríkà. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un wá kí àwọn dókítà wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Dípò ẹsẹ̀, wọ́n fún un ní àga onítáyà, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ. Bàbá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. "Mọ́tò mi ni." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń fi apá tó fi ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá nínú òfì fún ọ̀pọ̀ ọdún wa mọ́tò rẹ̀ káàkiri yàrá mi, tó ń fọ́ àwo mi. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ lọ kí Jímọ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bàbá ní, "Báwo ni mo ṣe máa wọ inú rẹ̀?"

Mo ní a máa gbé wọn sí i.

Ó wò mí bí ẹni tó rí ẹrẹ̀ lára mi.

Bọ́ọ̀sì ní àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló kù. Wọn kò tíì kọ́ ọ pẹ́ nígbà náà, wọ́n sì fi lífìtì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀nà ọkọ̀ náà ń jẹ́ orúkọ àwọ̀: pupa, àwọ̀ aró, àwọ̀ ọsàn. Ti pupa ló kọjá nítòsí ilé mi, ti àwọ̀ aró ló dé ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọkọ̀ ní ìkóríta ńlá kan láàárín ìlú, níbi tí ọkọ̀ pupa ti ń gba òkè tí ti àwọ̀ aró sì ń gba abẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kò ní wàhálà níbẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn rárá ni èmi ń wá.

Mo mú ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ṣakí, dání láti lọ wo ọ̀nà náà. Òun ló jókòó sínú àga, èmi tì í. Ìyà jẹ mí, nítorí ọmọ Ṣakí yẹn fẹ́ràn iyán. Nígbà tí a máa wọkọ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ àti pèpéle tí èrò dúró sí dọ́gba, ṣùgbọ́n àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn, táyà kékeré iwájú há sí i. A wá mọ̀ pé ẹ̀yìn ló yẹ ká fi wọlé, kí táyà ńlá kọ́kọ́ kọjá. Nígbà tí a sọ̀, ọmọ Ṣakí ní ìdí ń ro òun, ó dìde, ó na ara rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́bàá wa pariwo orúkọ Jésù, ó ju àpò sílẹ̀, ó sì ń jó. A kò lè ṣàlàyé. Ọmọ Ṣakí, Mùsùlùmí ọmọ Mùsùlùmí, ní láti ṣe àmín.

Ìkóríta yẹn ló fún wa níṣẹ́. Lókè, pèpéle méjì ni ọkọ̀ pupa ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, irin ọkọ̀ sì wà láàárín wọn. Nísàlẹ̀, pèpéle kan ṣoṣo ló wà, òun ni ọkọ̀ ń gbà ní ọ̀tún àti ní òsì. Lífìtì tó lọ sísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan péré lókè ló ti ń gbéra, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ni ọkọ̀ wa máa ń já wa sí. Ó yẹ ká gba lífìtì mìíràn gòkè lọ síbi géètì tí èrò ń fi tíkẹ́ẹ̀tì kọjá, ká rékọjá sí òdìkejì, ká tún gba òmíràn sọ̀ kalẹ̀. A débẹ̀, lífìtì àkọ́kọ́ ti bà jẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú yàrá onígíláàsì lẹ́bàá géètì ló fọ̀nà hàn wá. Ó ní ká má sọ̀ níbí rárá. Ká máa bá ọkọ̀ lọ títí dé ibùdókọ̀ kan níwájú tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lo pèpéle kan. Ká sọ̀ níbẹ̀, ká kọjú sí òdìkejì, ká wọ ọkọ̀ tó ń padà. Ìyẹn ni yóò já wa sí ẹ̀gbẹ́ tí lífìtì ìsàlẹ̀ wà.

Mo délé, mo ròyìn fún Bàbá. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹni tó ń lọ Òkèhò láti Ìsẹ́yìn á kọ́kọ́ dé Àgọ́-Àrẹ ná? Ta ló kọ́ yín nírú ìrìn yìí?"

"Bàbá, bí ọ̀kọ̀ inú òfì ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀."

Ó na ọwọ́ sí àpò òwú tí kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó so òwú pupa mọ́ apá mọ́tò rẹ̀, ó dá a padà sẹ́yìn, ó wá so òwú aró tẹ̀ lé e, ó ta kókó méjì sí i fún ibùdókọ̀ méjì. "Ó ti yé mi," ni ó wí. Ohun kan ṣoṣo ló kọ̀. Ó ní òun kò ní fẹ̀yìn wọ ibì kankan, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń wọ́ sẹ́yìn.

Mo tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí náà bóyá àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Gbogbo wọn ní kò sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. A lọ, a kọjá ìkóríta, a padà sí i, ohun gbogbo ń lọ geere. Níbi àlàfo, Bàbá kọ̀ jálẹ̀, iwájú ni a fi tì í wọlé, tí mo ń gbé táyà kékeré sókè. A dé ẹnu lífìtì ìsàlẹ̀. Ọmọ Ṣakí ti Bàbá wọlé, ojú rẹ̀ kọ ògiri, èmi fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn mú.

Ni ẹnì kan bá ké lẹ́yìn wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

Àlàájì kan láti Àgọ́-Àrẹ ni, tó wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ Ṣakí fẹ́ fẹ́ ọmọ náà, wọn kò sì tíì fún un lésì. Kí ni kí ó ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀. Èmi náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ ọkọ kì í dá dúró bí ọkọ bá wà nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ tì í. Àwọn òyìnbó ń fò wá kọjá. Àlàájì ń dáhùn, "Ẹ ǹ lẹ́, ẹ ó dàgbà." Lẹ́yìn wa, ilẹ̀kùn lífìtì pa dé jẹ́jẹ́.

Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ kẹ́yìn láti inú rẹ̀: "Ẹ tún ti dọ̀bálẹ̀!"

Mo sáré gba àtẹ̀gùn tó ń rìn, mo ń fò ó ní mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ àwọ̀ aró kan ń lọ, lífìtì sì ṣófo. Kò sí Bàbá lórí pèpéle. Mo dúró, mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ọmọ Ṣakí àti àna rẹ̀ bá mi, a wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àlàájì ń ka àdúrà, ó sì ń wo ọmọ Ṣakí tìkà-tẹ̀gbin.

Ní ibùdókọ̀ kejì, a gba òkè dé géètì. Bàbá wà níbẹ̀, nínú géètì, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ bí ọba. Ọwọ́ mi ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà, géètì kò sì ṣí fún ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dúró tì í, Bàbá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "ẹ kú ìjókòó."

"Bàbá, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Mo fi òwú hàn wọ́n, mo dárúkọ ibi tí mò ń lọ, wọ́n fọwọ́ júwe. Tíkẹ́ẹ̀tì mi dà?"

"Àlàfo yẹn ńkọ́?"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. "Mo fẹ̀yìn wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí níbẹ̀."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ẹnu ọ̀nà náà ní àtẹ̀gùn kan. Ẹyọ kan péré, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn tí mo bi léèrè kò purọ́. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í ka ẹyọ kan sí àtẹ̀gùn.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti ń ká ọwọ́ agbádá. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé yín, ìṣẹ́jú kan ni." Inú ilé, wọ́n ti ń pe ìkámà pé kí ìrun bẹ̀rẹ̀. Èmi ni Bàbá wò. Ojú rẹ̀ kò bínú, ó kàn ń dúró de ohun tí ọmọ rẹ̀ máa ṣe.

Mo ní, "Ẹ má gbé wọn."

Bàbá ti bíréékì mọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ lórí ẹ̀bá títì nínú òtútù, ó kọjú sí Kíbúlà. Mo dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọ Ṣakí lọ́wọ́ òsì. Àlàájì ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn yẹn. Ó wo inú ilé tí òtútù kò sí, ó wò wá. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì wá dúró tì wá. Àwọn mẹ́rin náà tẹ̀ lé e, àwọn tó pẹ́ dé tò sẹ́yìn, títí ìlà wa fi kún ojú títì.

Nígbà tí ìrun parí, tí a sálámà tán, Bàbá yíjú sí Àlàájì, ó ní, "Ẹ fún ọmọ yìí níyàwó. Ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò burú."

Nígbà tí a padà wá ní Jímọ̀ kejì, ẹnì kan ti fi pákó sí ẹnu ọ̀nà náà. Bàbá wa mọ́tò rẹ̀ gùn ún, ó wọlé fúnra rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ìlà iwájú.